Ààwẹ̀ ti dé tán, sìgá ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń fara dà á títí di ìṣínu?

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ràmàdáànì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń mu sìgá bíi 15 lójúmọ́. Tí ààwẹ̀ bá dé, mo máa ń mu méjì lẹ́yìn sààrì kí wọ́n tó pe àsùbáà, màá wá mu ìyókù láti ìṣínu títí màá fi sùn. Tó bá ti ń di aago mẹ́wàá àárọ̀, inú á ti máa bí mi sí ẹnikẹ́ni tó bá bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá fi máa di àsárì, orí ń fọ́ mi, ọwọ́ tí mo fi ń jó irin kò ní dúró sójú kan mọ́. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní ba ààwẹ̀ jẹ́? Ìyá mi náà ń fa aṣáà, wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní ti imú kò kan ààwẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Ọ̀gá mi, ọkàn lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le, tó bá ti kọjá ìyẹn, sìgá ti jáde lára nìyẹn. Ẹ jẹ orógbó ní sààrì, kẹ́ ẹ sì mu mẹ́ta dípò méjì kó lè pẹ́ lára. Èmi ò rí wàhálà kankan.

Dẹ́rẹ́bà Igbọ́nà
Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bá a wá ọgbọ́n, ṣé ẹ ò rí ohun tó ń béèrè ni? Ó fẹ́ máa mu sìgá lójú ààwẹ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá fa èéfín láàárín àsùbáà sí mọ̀ǹgàríbì, ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Kó lọ ronú pìwà dà.

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mu ún rí lọ́sàn-án ààwẹ̀. Bí mo ṣe máa fara dà á láìmu ún ni mo ń béèrè.

Apòògùn Alékúwodò
Ó dáa tí ẹ sọ àsìkò tí ẹ ń mu ún, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nìkótíìnì, ohun inú sìgá tí ara ń béèrè, kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ pa sìgá ìkẹyìn ní aago 5:30. Ní 7:30 ó ku ìdajì, ní 9:30 ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Aago mẹ́wàá tí ẹ ní inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí yín, òun nìyẹn. Tó bá fi máa di àsárì, èyí tó kù kò tó nǹkan tí ọpọlọ lè mọ̀ lára. Bí ẹ bá mu mẹ́ta dípò méjì ní sààrì, ẹ kò tíì ra wákàtí méjì fún ara yín, nígbà tí ààwẹ̀ tiwa níbí ń lọ sí bíi wákàtí 13.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ, òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ẹni tó jáwọ́ tọ̀sán-tòru ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ̀yin ní tiyín kì í dé ọjọ́ kejì. Alaalẹ́ lẹ ń dá a padà sára, àràárọ̀ lẹ sì ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ ń fi gbogbo oṣù jẹ ìyà ọjọ́ kìn-ín-ní ní ìgbà 29 tàbí 30. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n yé wá oògùn ọ̀sán, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń ṣe lálẹ́.

Ẹni tí kò bá mu ún lóru rárá, ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì á yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lára rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Àǹtí, ẹ ṣáà gbà pé mo sọ òótọ́ díẹ̀ 😄. Orógbó ńkọ́?

Mọ́mì Ṣadé
Kírísítẹ́nì ni wá o, àmọ́ ìjọ wa máa ń gba ààwẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bàbá Ṣadé máa ń mu sìgá. Lọ́dún kan, aago mẹ́fà lù báyìí, kò tíì fẹnu kan omi, ó ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú sìgá. Ká tó bu oúnjẹ tán, ariwo la gbọ́. Òòyì ti gbé e, ó ti fara lé ògiri, òógùn ń bò ó, ó ń bì. Àwa rò pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe é ni! Ìyá ọkọ mi ti ń wá ẹni tó máa ka Sáàmù. Ó jókòó, ó mu omi, ó jẹun, ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣé irú nǹkan yìí ń ṣe ẹlòmíràn?

Apòògùn Alékúwodò
Mọ́mì, ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, ó kàn jẹ́ pé ojú máa ń tì wọ́n láti sọ ọ́ ni. Tí ara bá ti wà láìrí nìkótíìnì fún wákàtí bíi 13, agbára tó fi ń gbà á á ti dínkù. Sìgá tí kò rìn ín lára lánàá á wá lù ú gidigidi lónìí. Ẹ tún fi inú òfo kún un, ẹ fi òùngbẹ kún un. Ọkàn á máa sáré, orí á fúyẹ́, inú á rú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì máa mu ún lálẹ́, kó ṣínu dáadáa ná: omi, dàbínù, kó kírun mọ̀ǹgàríbì, kó jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jókòó mu ún, kó má mu ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń mu mẹ́ta léra wọn, tí wọ́n á sì fà á wọnú gan-an torí wọ́n ń gba gbèsè ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ti Bàbá Ṣadé yẹn lọ fúnra rẹ̀. Bí àyà bá ń fún èèyàn, tí ìrora ń gba ọwọ́ tàbí àgbọ̀n lọ, tí òógùn tútù ń bò ó, tí kò sì lọ lẹ́yìn tó ti jókòó, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sìgá lórí inú òfo mọ́. Ilé ìwòsàn ni, kó má sì dúró de àkókò ìṣínu bó bá jẹ́ ojú ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀.

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbọ́ pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bíi pílásítà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kò ba ààwẹ̀ jẹ́? Ẹnì kan ní ti jíjẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù ló dáa jù.

Alfa Ọ̀gọ̀-Olúwa
Salaamu alaekun. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀sìn.

Ṣingọ́ọ̀mù onínìkótíìnì, rárá lọ́sàn-án. Itọ́ tó gbé adùn àti oògùn rẹ̀ ń lọ sí ọ̀fun. Sìgá oníbátìrì tí wọ́n ní oru lásán ni, òun náà kò lọ. Ohun tó ní ara tó sì ń wọ ọ̀fun ni. Ṣíṣà, mi ò ní í sọ ọ́ rárá.

Pílásítà yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ara ló ń gbà á wọlé, kò gba ẹnu, kò gba imú. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíkíì lágbàáyé tí ibùjókòó wọn wà ní Jẹ́dà jókòó lórí àwọn nǹkan ìtọ́jú nínú ìpàdé wọn ọdún 1997, wọ́n sì ka ohun tí awọ ara ń fà mu, bí ìpara àti pílásítà olóògùn, mọ́ ohun tí kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Èyí ni mo fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Àmọ́ kí n má tàn yín: àwọn alfa kan wà tí wọn ò fọwọ́ sí nìkótíìnì lójú ààwẹ̀, wọ́n ní ara ń rí ohun tó ń béèrè, ìfẹ́ inú ló sì yẹ kí ààwẹ̀ pa. Ẹ bi alfa tí ẹ ń kírun lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Màmá: ojú ọ̀nà Imaamu Máálìkì tí ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń tọ̀ kò ya imú sọ́tọ̀. Ohun tó bá gba imú dé ọ̀fun, ó ti ba ààwẹ̀ ọjọ́ náà jẹ́, èèyàn á sì san án padà. Aṣáà tí wọ́n fà, ṣé kì í sọ̀ sí ọ̀fun ni? Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ó ń sọ̀ ọ́, torí wọ́n ń tu itọ́ dúdú.

Dẹ́rẹ́bà Igbọ́nà
Alfa, èmi wà lẹ́yìn àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Kí ni ìyàtọ̀? Nìkótíìnì náà ṣáà ni.

Alfa Ọ̀gọ̀-Olúwa
Ìyàtọ̀ ni pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ mi ò ní bá yín jà lé e, mo ti sọ pé wọ́n pín sí méjì.

Apòògùn Alékúwodò
Ọ̀gá Wẹ́dà, bí alfa yín bá gbà á, báyìí lẹ ṣe máa lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ju 10 lọ lójúmọ́, èyí tó le jù, ìyẹn ti mílígíráàmù 21, lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ju 10 lọ, 14 ló máa lò. Àsìkò sààrì ni kẹ́ ẹ máa lẹ̀ ẹ́. Kò ní í dé orí bíi sìgá tó ń dé ọpọlọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Wákàtí mélòó kan ló fi ń gbéra, lẹ́yìn náà á dúró déédéé títí di alẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó bá ààwẹ̀ mu.

Apá lókè tàbí àyà tí kò nírun ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ fi omi fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ má fi òrí tàbí ìpara kan ibẹ̀ rárá, ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti iná, òógùn á fẹ́ ṣí i, nítorí náà ibi tí aṣọ iṣẹ́ kì í ti fi há ló dáa. Ooru tó bá dojú kọ ọ́ tààrà tún lè mú kó tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má gbé apá yẹn sún mọ́ iná. Ojú ibòmíì ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́la. Ẹ má gé e sí méjì. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ ká a kẹ́ ẹ sọ ọ́ síbi tọ́wọ́ ọmọdé kò ní dé, torí nìkótíìnì ṣì wà lára rẹ̀ tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Bí àlá burúkú bá ń dà yín láàmú lóru, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ lẹ òmíràn ní sààrì. Bí inú bá ń rú yín, tí àyà ń lù kìkì, tí orí ń fọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ lẹ̀ ẹ́, ó ti pọ̀ jù fún yín, ẹ bọ́ sí 14. Nǹkan kan tún wà tí kò ní dùn yín: kò wúlò kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tún mu mẹ́jọ lálẹ́. Oṣù kan kò sì parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń lo 21, ọ̀sẹ̀ méjì fún 14, ọ̀sẹ̀ méjì fún 7. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ á bá yín lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ní i ní Òṣogbo, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀, ẹ má rà á lórí àtẹ.

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Ká ní mi ò rí i rà ńkọ́?

Apòògùn Alékúwodò
Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi sún sìgá àkọ́kọ́ ti àárọ̀ síwájú. Aago mélòó lẹ máa ń mu ti àkọ́kọ́?

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Kí n tó fọ ẹnu pàápàá. Bí mo bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Apòògùn Alékúwodò
Ìyẹn fi hàn pé ó ti mú yín gan-an, ẹni tó lè dúró di ọ̀sán ló rọrùn fún. Ẹ mú un lọ sí aago mẹ́jọ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kó di mẹ́wàá, kó di ìgbà àìlà, kó di àsárì. Èyí tẹ́ ẹ bá fò, ẹ má san án padà lálẹ́, ibẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí iye tẹ́ ẹ ń mu láàárín alẹ́ má lé sí i ju bó ṣe wà lọ. Bí ààwẹ̀ bá wá wọlé, ẹ yọ méjì ti sààrì kúrò ṣáájú ohunkóhun. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lọ, òun ló sì ń jẹ́ kí wàhálà bẹ̀rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Tó bá dé lọ́sàn-án, ìgbì kan kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ìbojú, ẹ rìn dé òpin àdúgbò, ẹ fi omi tútù bọjú. Ẹ má jó irin lásìkò tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ gbé iṣẹ́ tó fẹ́ ojú sí ààrọ̀ kùtù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Orógbó mi o!

Apòògùn Alékúwodò
Mo gbọ́ ẹ, àbúrò. Orógbó kò lè dí àyè nìkótíìnì. Obì ni mo tiẹ̀ fẹ́ bi ọ̀gá Wẹ́dà léèrè. Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́?

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Gbànja. Kì í wọ́n lápò mi tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí kì í jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Apòògùn Alékúwodò
Mo fura. Orí fífọ́ ìgbà àsárì yẹn lè má jẹ́ ti sìgá. Káfíìnì wà nínú obì, bó ṣe wà nínú kọfí, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tó wá dákẹ́ lójijì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ìgbà tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Àìrí nìkótíìnì ní tirẹ̀ máa ń fa inú fùfù, àìlèjókòó síbì kan, ìrònú tí kò dúró. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ṣínu, ẹ jẹ obì díẹ̀, ẹ má mu sìgá. Bí orí bá fúyẹ́ láàárín wákàtí kan, obì ló ń béèrè. Àmọ́ bí ẹ bá dín sìgá kù gidi, ẹ dín obì kù sí bí ìdajì pẹ̀lú, torí èéfín sìgá máa ń mú kí ara tètè lo káfíìnì tán. Tí èéfín bá ti kúrò níbẹ̀, iye obì kan náà á pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀, àyà á máa já yín, oorun á sì sá. Àwọn kan á wá rò pé àìmu sìgá ló fà á.

Ìyá Aláró
Èmi náà ń fi aṣáà sẹ́nu, láti ìgbà tí mo ti wà nínú iṣẹ́ aró ni. Ẹ ò sọ̀rọ̀ káún. Nígbà ààwẹ̀ àwa máa ń dín tábà rẹ̀ kù, a ó wá fi káún kún un kó lè ta dáadáa lálẹ́, kó sì tọ́ wa sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Apòògùn Alékúwodò
Ẹ kú ewu, Mà. Káún ló ń mú kí nìkótíìnì tó wà nínú tábà tètè wọ inú ara. Tí ẹ bá dín tábà kù, tí ẹ fi káún kún un, ó ṣeé ṣe kí ẹ má dín ohunkóhun kù. Ó sì máa ń jẹ ẹran ìdí eyín. Èèyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, káún fúnra rẹ̀ kò bá a rẹ́.

Ìyẹn náà ni mo fẹ́ sọ nípa ìyá ọ̀gá Wẹ́dà. Mi ò ní kọ iye pílásítà fún wọn níbí. Ẹnikẹ́ni ò lè ka aṣáà bí wọ́n ṣe ń ka ẹyọ sìgá, torí olúkúlùkù ló mọ bó ṣe lọ tirẹ̀ àti bí káún rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá wọn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tún bi dókítà wọn bí wọ́n ṣe máa pín oògùn náà sí sààrì àti ìṣínu. Tí wọ́n bá ṣì ń fa aṣáà lálẹ́, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìyá Aláró
Àǹtí, àwọn ìyá wa lò ó pẹ́, kò pa wọ́n. Mo gbọ́ ti káún, màá yọ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Alfa Ọ̀gọ̀-Olúwa
Ọ̀gá Wẹ́dà, bí dókítà bá sọ pé ara Màmá kò gbé ààwẹ̀, ẹ má fi tipátipá mú wọn. Ẹ wá, ká sọ̀rọ̀ bíbọ́ òtòṣì.

Wẹ́dà Òkè-Báálẹ̀
Màmá ní àwọn kò ní bọ́ òtòṣì kankan, àwọn á gba ààwẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ aṣáà la ó ṣì jọ máa jiyàn lé lórí. Èmi máa sún ti àárọ̀ ná, màá sì dán ti obì yẹn wò lálẹ́ ọ̀la. Alfa wa ní kí n fún òun láàyè lórí ọ̀rọ̀ pílásítà, òun fẹ́ bi ọ̀gá òun.